Ìgò ìpara, ẹ̀kán omi àti ìmọ́lẹ̀ àárọ̀: omi kò dúró, fóònù mi sì ń hàn nínú ọmọrí

Àbẹ̀kẹ́_Òrí
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbàdàn ni mo wà. Ìpara òrí àti ètí erin ni mò ń ṣe, ìgò gíráàmù 50, ọmọrí aláwọ̀ góòlù. Mo fẹ́ ya àwòrán rẹ̀ láti òkè lórí tàìlì, kí ẹ̀kán omi wà lára rẹ̀, kí ewé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ rọra tàn sí i, fún ṣọ́ọ̀bù mi lórí ayélujára. Omi ń ṣàn, kì í dúró. Lébẹ́ẹ̀lì ti hunjọ. Fóònù mi tún ń hàn nínú ọmọrí bí ẹni wo dígí. Kí ni kí n ṣe?

Tóbi_Ọlọ́jà
Ẹ má dààmú ara yín, àǹtí. Ẹ gbé ìgò náà sínú fíríjì mọ́jú. Tí ẹ bá gbé e síta láàárọ̀, omi á yọ lára rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ya ike zóbò mi, ó sì máa ń dùn ún wò.

Bàbá Kámẹ́rà
Tóbi, ti zóbò yẹn rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, torí a fẹ́ kí ẹni tó wò ó rò pé ó tutù. Ti ìpara yàtọ̀. Ohun tí fíríjì ń bù sí ara ìgò, ìkùukùu ni, kì í ṣe ẹ̀kán. Á bo gbogbo ara ìgò funfun-funfun, á bo lébẹ́ẹ̀lì náà. Ìgbà tó bá tó ìṣẹ́jú díẹ̀, á dà pọ̀, á ṣàn lọ ní ọ̀nà tó wù ú. Ẹ kò ní í lè sọ fún ẹ̀kán kan pé kó dúró síbi báyìí.

Àbẹ̀kẹ́, ẹ dáhùn ohun mẹ́ta kí n tó sọ̀rọ̀. Ṣé ìgò náà dúró ni àbí ó dùbúlẹ̀ nígbà tí ẹ yà á? Ṣé ara rẹ̀ ń dán, àbí ó rí hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́ lábẹ́ ìka? Níbo ni fèrèsé wà sí tábìlì yín?

Àbẹ̀kẹ́_Òrí
Ẹ ṣé, sà. Ó dúró ni. Ara rẹ̀ kò dán, ó funfun fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́, ó sì rí hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́ bí ẹ ṣe sọ. Fèrèsé wà lẹ́yìn mi, ó kọjú sí ìlà-oòrùn. Pépà lásán ni lébẹ́ẹ̀lì, ilé ni mo ti tẹ̀ ẹ́.

Bàbá Kámẹ́rà
Ẹ ṣeun. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìdúró ìgò. Tí ìgò bá dúró tí ẹ sì yà á láti òkè, ọmọrí nìkan lojú máa rí. Ara ìgò ni lébẹ́ẹ̀lì wà, kò sí bí orúkọ ọjà yín ṣe máa hàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń yà láti òkè kì í kíyè sí i, wọ́n á máa tẹ fóònù síwá sẹ́yìn kí orúkọ lè yọ, àwòrán á wá wọ́. Ẹ tẹ́ ìgò náà sílẹ̀ kó dùbúlẹ̀, kí lébẹ́ẹ̀lì kọjú sí òkè. Ẹ fi rọ́bà tí àwọn ọmọ fi ń pa ìwé rẹ́ sábẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀yìn kó má baà yí. Kí ìgò tí ẹ máa tẹ́ bẹ́ẹ̀ má ní ìpara nínú o. Òrí kì í le nínú ooru, á ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ wá gbé ìgò kejì tí ẹ ṣí sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó dúró, kí ojú ìpara fúnra rẹ̀ hàn. Èyí tó dùbúlẹ̀ ń sọ orúkọ, èyí tó ṣí ń fi ohun tí wọ́n fẹ́ rà hàn.

Ti omi: ìgò tí ara rẹ̀ rí hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́ kì í jẹ́ kí omi kó ara jọ. Gbogbo ihò kéékèèké tó wà lójú rẹ̀ ló ń fa omi mọ́ra, ìdí nìyẹn tó fi ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ má fi ipá mú un. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kán pọ̀ lórí tàìlì àti lórí ewé, kí mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré wà lára ìgò. Omi lásán kọ́ ni kí ẹ lò. Ẹ ra gílísírìn ní kẹ́mísì, kí ẹ da ìlàjì rẹ̀ mọ́ ìlàjì omi. Gílísírìn wúwo, kì í tètè gbẹ, ó lé ní wákàtí kan tí ẹ̀kán rẹ̀ á fi wà níbi tí ẹ fi í sí. Omi lásán nínú ooru Ìbàdàn, ẹ ò ní í tíì to ewé tán tó ti gbẹ.

Ẹ da díẹ̀ sínú ike tí àwọn onídìrí fi ń fọ́n omi sírun, kí ẹ dúró níbi tó tó ìwọ̀n apá kan, kí ẹ fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré, kó bọ́ sórí tàìlì láti òkè. Ìyẹn ni ẹ̀kán wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Ẹ̀kán ńlá, síríńjì ni kí ẹ fi kán an ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ìgò àti lébẹ́ẹ̀lì má sí níbẹ̀ rárá nígbà tí ẹ bá ń fọ́n. Ẹ tò ó lẹ́yìn náà.

Ti ìmọ́lẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù, mo sì fi í sẹ́yìn kí ẹ má baà gbàgbé. Fèrèsé tó wà lẹ́yìn yín ń pa ẹ̀kán omi rẹ́. Ohun tó ń jẹ́ kí ojú rí ẹ̀kán omi ni pé apá kan rẹ̀ ń tàn, apá kejì ṣókùnkùn, òjìji kékeré sì wà ní ìdí rẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá wá láti ẹ̀yìn ẹni tó ń yà á, gbogbo ìyẹn á parẹ́, á wá dà bí ibi tí wọ́n da omi sí. Ẹ yí tábìlì padà kí fèrèsé wà ní òkè àwòrán, tàbí ní òkè lọ́wọ́ òsì, kí ìmọ́lẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kọjá lórí tàìlì. Kí tábìlì má ga ju ìsàlẹ̀ fèrèsé lọ.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ
Ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí omi kankan kan ìpara o! Mo ti ń po ọṣẹ àti ìpara láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọge, omi tó bá wọ inú òrí, eéhù ló máa hù. Ó ti bà mí nínú jẹ́ rí, odidi agbọ̀n kan ni mo dà nù. Kí ni wọ́n fẹ́ fi omi ṣe lára ìpara tí wọ́n fẹ́ tà?

Àbẹ̀kẹ́_Òrí
Ìyá, ẹ kú àmójútó. Àwòrán nìkan ni omi náà wà fún, mà, kì í ṣe pé mò ń pò ó mọ́ ìpara.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ
Á, mo ti gbọ́ báyìí. Síbẹ̀ ohun tí mo sọ dúró: ìgò tí ẹ ṣí tí omi ta sí lọ́jọ́ àwòrán, ẹ má tà á. Ẹ fi pa ara yín, tàbí kí ẹ dà á nù.

Bàbá Kámẹ́rà
Ìyá sọ òtítọ́. Ìgò tí a fi ya àwòrán kì í padà sínú ọjà. Ẹ ya ìgò méjì sọ́tọ̀ fún un, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ìdí wọn.

Dúpẹ́_Peckham
Ẹ kú ìjókòó, gbogbo ilé. Mo ń ta nǹkan irun níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Àbúrò mi Àbẹ̀kẹ́, oríire ni fún yín pé Ìbàdàn lẹ wà. Ní oṣù Kejìlá níbí, ó ń tó aago mẹ́jọ kí oòrùn tó yọ, tí ẹ bá ya nǹkan méjì, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ wa máa ń rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ torí ìkùukùu. Tiyín ló ní wàhálà míì: oòrùn yín ń yára gòkè.

Ohun kan ni mi ò gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wa. Mo ń fi epo-ìdán, èyí tí wọ́n fi ń mú ara ọkọ̀ dán, nu ara ìgò fẹ́ẹ́rẹ́ kí n tó fọ́n omi sí i, ẹ̀kán sì máa ń kó ara jọ dáadáa, ó dà bí ìrì lórí ewé kókò. Kí ló dé tí ẹ fi ní kí ó má ju mẹ́rin lọ?

Bàbá Kámẹ́rà
Dúpẹ́, ìgò tiyín ń dán, àbí? Lórí ìgò tó ń dán, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ fi epo-ìdán nu ti Àbẹ̀kẹ́, ẹ máa rí i pé ibi tó kàn á mọ́ gaara, ibi tí kò kàn á wà ní funfun, ìgò á wá ní àbàwọ́n bí aṣọ tí epo ta sí. Tí ó bá fẹ́ ẹ̀kán púpọ̀ lára ìgò lóòótọ́, kí ó ra ìgò kan tó ń dán, ìwọ̀n kan náà, kó fi ya èyí. Èmi kì í fẹ́ ìyẹn, torí ẹni tó rà á á gba ìgò tí kò jọ ti àwòrán.

Dúpẹ́_Peckham
Mo gbà, sà. Ti mi ń dán.

Àbẹ̀kẹ́_Òrí
Mo ti gbìyànjú láàárọ̀ yìí. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo tẹ́ ìgò kan sílẹ̀, orúkọ hàn rekete, inú mi dùn. Ẹ̀kán lórí tàìlì dúró, ó kó ara jọ. Àmọ́ oòrùn wọlé tààrà ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, òjìji ìgò dúdú bí ẹ̀dú, ara ìgò sì funfun débi pé lébẹ́ẹ̀lì kò ṣe é kà. Mo gbé páálí funfun sí iwájú láti fi dá ìmọ́lẹ̀ padà, òjìji rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi tún parẹ́. Fóònù ṣì ń hàn nínú ọmọrí tí mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ ìgò tó ṣí. Ewé ẹfinrin mi rọ kí n tó dé ìdajì iṣẹ́.

Bàbá Kámẹ́rà
Ẹ ti sún mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tí ẹ ń rí lójú àwòrán àwọn ẹlòmíì, kì í ṣe oòrùn tó ń ta sára nǹkan. Ẹ so kọ́tìnì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ fèrèsé, kò gbọ́dọ̀ ní òdòdó kankan. Bí kò bá sí, ẹ lẹ pépà funfun fẹ́lẹ́ mọ́ dígí fèrèsé. Gbogbo fèrèsé á wá di fìtílà ńlá kan, etí òjìji á rọ̀. Bí fèrèsé bá ṣe tóbi tó, tí tábìlì sì sún mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni òjìji á ṣe rọ̀ tó. Ẹ pa gbogbo gílóòbù inú yàrá, torí ìmọ́lẹ̀ wọn sábà máa ń pọ́n ju ti ojú ọ̀run lọ, apá kan tàìlì á pọ́n, apá kan á tutù bí búlúù, kò sì ṣe é tún ṣe dáadáa lẹ́yìn náà.

Páálí funfun yín sún mọ́ jù. Nígbà tó bá wà létí tàìlì, ìmọ́lẹ̀ tó ń dá padà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti fèrèsé, ẹ̀kán kò wá ní apá tó ṣókùnkùn mọ́. Ẹ sún un sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo ẹ̀kán kan ṣoṣo lójú fóònù. Ibi tí òjìji ìdí rẹ̀ bá ti padà hàn ni kí ẹ fi páálí sí.

Lójú fóònù, ẹ tẹ ìka mọ́ lébẹ́ẹ̀lì kí ẹ dì í mú. Lórí aífóònù, AE/AF LOCK á yọ lókè. Ẹ wá fa ìka wálẹ̀ títí ibi tó funfun jù lára ìgò á fi ní ara. Ibi tó bá ti funfun kọjá ààlà, kò sí ohun tó lè dá a padà.

Ti ọmọrí. Bíi dígí ló rí, ó sì kọjú sí òkè, ohun tó wà lókè rẹ̀ ló máa fi hàn. Ẹ gé ihò tó tó ojú lẹ́ǹsì láàárín páálí funfun ńlá, ẹ gbé fóònù lé e kí lẹ́ǹsì máa wo inú ihò. Ẹ má fi ọmọrí sí ààrin gan-an lábẹ́ lẹ́ǹsì, torí ihò náà á hàn bí àmì dúdú. Ẹ sún un kúrò ní ààrin, páálí nìkan ló máa rí. Ẹ lè gé àwòrán náà tẹ́ ẹ bá yà á tán kó bọ̀ sípò. Ẹ tún fi 2x yà á, kí ẹ gbé fóònù ga sí i, ẹ má fi 1x sún mọ́ ọn. Lẹ́ǹsì 1x gbòòrò, tó bá sún mọ́ ìgò tó dúró, apá ibi tó jìnnà sí ààrin á tẹ̀ síta bí ẹni fẹ́ ṣubú.

Ṣínà_Epo
Ẹ jọ̀wọ́ ẹ ṣèrànwọ́ fún èmi náà, ìgò mi jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, ó ní ìfàkán epo nínú. Epo irun ni. Tí mo bá yà á láti òkè, ó dúdú kan náà bí òkúta. Ẹ̀kán omi kò yọ lára rẹ̀ rárá.

Bàbá Kámẹ́rà
Ṣínà, ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ láti abẹ́ tàbí láti ẹ̀yìn. Ẹ gé pépà funfun tó jọ ìgò yẹn, kó kéré sí i díẹ̀, kí ẹ fi sábẹ́ rẹ̀ kó má hàn. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé á kan pépà, á gba inú epo padà bọ̀, àwọ̀ oyin á yọ. Ìyókù, ẹ ṣí ọ̀rọ̀ míì fún un kí ti Àbẹ̀kẹ́ má baà dàrú.

Dúpẹ́_Peckham
Àbẹ̀kẹ́, ti ewé: ẹ má já a sílẹ̀ kó tó àkókò. Ẹ fi ìdí ẹ̀ka rẹ̀ sínú omi tútù fún bí wákàtí kan ṣáájú, kí ẹ wá já ewé náà nígbà tí gbogbo nǹkan ti wà ní àyè rẹ̀ tán. Ewé tó rọ, kámẹ́rà á fi hàn ju ojú lọ. Ètí erin ni kí ẹ gé kẹ́yìn pátápátá. Ojú ibi tí ẹ gé a máa pọ́n lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn yẹn, mo rí i nínú àwòrán yín pé òdòdó lafẹ́ńdà wà níbẹ̀. Ó dára lójú. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Bàbá Kámẹ́rà
Èmi kò fara mọ́ lafẹ́ńdà. Kò sí nínú ìpara. Ẹni tó rà á ní ìrètí òórùn lafẹ́ńdà á kọ̀wé sí yín pé ẹ tàn án jẹ. Òrí àti ètí erin lẹ kọ sí ara rẹ̀, òrí àti ètí erin ni kí ó hàn. Ẹ gé òrí díẹ̀ síbẹ̀, kí ojú ibi tí ẹ gé hàn.

Dúpẹ́_Peckham
Ẹ̀gbọ́n, ẹwà ni ewé wà fún. Kò sẹ́ni tó ń wo òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpara kó rò pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n pò mọ́ ọn.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ
Àwọn tó ń ra tèmi máa ń rò ó bẹ́ẹ̀ o. Obìnrin kan wá bá mi nítorí ewé tí mo fi dì í, ó ní ara òun kò gba ewé yẹn. Mo fara mọ́ bàbá.

Tóbi_Ọlọ́jà
Ti pé ẹ fẹ́ tà á lórí ìtàkùn, ẹ rántí pé àwòrán yìí kọ́ ni kí ẹ fi ṣe èyí àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ọjà orí ìtàkùn fẹ́ kí àkọ́kọ́ wà lórí funfun lásán. Tí ṣọ́ọ̀bù bá jẹ́ tara yín, kò sí ìyọnu. Kí ẹ sì jẹ́ kí nọ́ńbà NAFDAC hàn nínú àwòrán kan, mo mọ àwọn tí kì í ra nǹkan láìrí i.

Àbẹ̀kẹ́_Òrí
Ẹ ṣé gan-an, Tóbi. Ó ti wà nínú àwòrán ẹ̀yìn ìgò.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ti òní. Mo so kọ́tìnì mọ́ fèrèsé, mo bẹ̀rẹ̀ ní aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo ti pa fáànù, torí ó ti fẹ́ ewé mi lọ lánàá. Mo tẹ lébẹ́ẹ̀lì tuntun sórí sítíkà oníke ní ilé ìtẹ̀wé, nítorí ẹ̀kán mẹ́rin tí mo kán sórí èyí tí mo tẹ̀ nílé, dúdú rẹ̀ ti fọ́n ká bí àwọ̀ àdìrẹ. Ti oníke náà gba omi, kò sì hunjọ. Mo yọ lafẹ́ńdà kúrò, mo fi òrí tí mo gé pẹ̀lú ètí erin méjì sí i.

Àwòrán tó dára jù ni èyí tí mo yà ní aago méje kọjá àádọ́ta ìṣẹ́jú. Ẹ̀kán ńlá kan wà létí ètí erin, ẹ rí fèrèsé mi nínú rẹ̀, kékeré, pẹ̀lú ìlà kọ́tìnì. Inú mi dùn sí i ju ìgò fúnra rẹ̀ lọ.

Ohun tó kù ni ọmọrí. Páálí tí mo fi bò ó ti mú góòlù rẹ̀ kúrò. Ó ti di yẹ́lò funfun, kò dán mọ́, ó rí bí ike.

Bàbá Kámẹ́rà
Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀kán tí ẹ sọ yẹn ni ohun tí èèyàn máa ń wá.

Góòlù kì í tàn nínú funfun nìkan. Ìgbà tí funfun àti dúdú bá pàdé lára rẹ̀ ni ojú ń mọ̀ pé irin ni. Ẹ lẹ pépà dúdú tó fẹ̀ bí ìka mẹ́ta mọ́ apá kan páálí náà, ní ìdojúkọ fèrèsé. Ẹ máa sún un títí ìlà dúdú á fi gba orí ọmọrí kọjá bí òjìji. Ó lè gba ìgbà mẹ́wàá kí ó tó dé ibi tó yẹ. Ẹ tún lè fi rọ́bà gbé etí ọmọrí kan sókè díẹ̀, kí ó má kọjú sí òkè gan-an. Méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Èmi máa ń lo pépà, ẹlòmíì máa ń gbé etí rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ìmọ́lẹ̀ á rọ̀ fún yín láìlo kọ́tìnì, ṣùgbọ́n eruku á máa lẹ̀ mọ́ gílísírìn. Ẹ kán an kẹ́yìn, kí ẹ yà á kíákíá.

Àbẹ̀kẹ́_Òrí
Màá gbìyànjú pépà dúdú lọ́la, sà. Báwo ni mo ṣe máa fọ gílísírìn kúrò lára tàìlì? Ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ
Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ dúdú. Ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nù ún, á kàn máa tàn ká ni.